Kí Ló Ń Pa Tiransífọ́mà Wa?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú fáìlì tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní òpópónà wa n'Ìbàdàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá lórí tiransífọ́mà tó jó. Bí ẹ bá fi ọwọ́ bo déètì orí wọn, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣáájú. Wọ́n kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní inú òkùnkùn la wà, pé àwọn àgbàlagbà ń jìyà, pé olè ti ń yọ àdúgbò lẹ́nu, wọ́n sì wá bẹ̀bẹ̀ pé kí ilé-iṣẹ́ ṣàánú wa, kí wọ́n gbé tiransífọ́mà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi nínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe pé wọn ò dá àwọn lẹ́tà náà lóhùn. Wọ́n dá wọn lóhùn. Ó pẹ́ ni o, a sì dáwó ọkọ̀ akẹ́rù àti owó àwọn tó gbé e gorí òpó, ṣùgbọ́n tiransífọ́mà dé lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó dé, a jó, a yọ̀, ó tún jó mọ́ wa lójú. Kò sí ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó béèrè ohun tó pa èyí tó kú. Wọ́n kàn ń tọrọ òmíràn ni.

Alẹ́ tí wọ́n ṣí pílà

Èyí tí wọ́n gbé wá kẹ́yìn ò tíì pé oṣù kan lórí òpó tí féèsì pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Fáànù ilé àwọn tó wà lórí rẹ̀ ń yí bí ẹni tó ń sùn, gílóòbù wọn pọ́n, nígbà tí àwọn tó wà lórí búlúù ń jẹ iná kíkún ní òdìkejì títì. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń tẹ̀lé irú àmì yẹn. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná láti ayé NẸ́PÀ, Bàbá Ẹnjiníà là ń pè wọ́n. Wọ́n ní nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá wá tún féèsì náà ṣe, kí n má jókòó sílé o, kí n wá dúró ti àwọn.

Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n dé. Àkókò tí iná ń ṣiṣẹ́ jù lọ nìyẹn: gbogbo èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́, fíríìjì ń lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń lọ, wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń fa omi. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ṣí fíìdà pílà, àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ tiransífọ́mà níbi tí iná ti ń pín sí ojú òpópónà. Bàbá Ẹnjiníà ò fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n sì kìlọ̀ fún èmi náà pé mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni láti ṣí i. Ẹni tó bá ṣí i fúnra rẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu ni. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n tàn sínú rẹ̀ láti òkèèrè.

Ibi tí fíúùsì pupa yẹ kó wà, wáyà ló wà níbẹ̀. Wáyà aláwọ̀ kọ́pà ni, wọ́n lọ́ ọ pọ̀ mọ́ra títí ó fi nípọn bí ìka, wọ́n sì dì í mọ́ orí irin méjèèjì. Ó ti dúdú lápá kan. Fíúùsì gidi, irú èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun, ṣì wà lórí yẹ́lò àti búlúù.

"Ta ló ṣe èyí?" Bàbá béèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwa náà la ṣe é. Fíúùsì ò sí ní sítọ́ọ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò ò sì ní jẹ́ ká sinmi bí a bá ní kí pupa wà lókùnkùn di ọjọ́ tí fíúùsì máa dé."

Òtítọ́ ló sọ. Bàbá wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wọn iná tó ń gba orí féèsì kọ̀ọ̀kan kọjá. Ó yọ mítà kan tó ní ẹnu tó ń là tó ń pa dé, ó fi gbá wáyà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń pè é. Pupa, 530 ámpíà. Yẹ́lò, 300. Búlúù, 215. Wáyà níútírà tó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ru nǹkan kan, ó ru bí i 280. Ó tún wọn fóltì iná tó ń dé ilé: 165 fóltì lórí pupa, 238 lórí búlúù.

Bàbá Ẹnjiníà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní: "Akọ̀wé, tiransífọ́mà yìí ò kéré."

Ìṣirò tí ẹnikẹ́ni lè ṣe

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí gbogbo òpópónà ló ti gbà pé a ti pọ̀ ju tiransífọ́mà wa lọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ ò le. Wọ́n kọ 300 kVA, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù iná tó lè rù, sára pátákó irin kékeré tó wà lára tiransífọ́mà. Bí ó bá ń fún wa ní iná 415 fóltì láàárín féèsì kan sí òmíràn, ohun tí féèsì kọ̀ọ̀kan lè rù láìfarapa nìyí:

```
300000 ÷ (1.732 × 415) ≈ 417 ámpíà
```

Àròpọ̀ ohun tó lè rù lórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ bí i 1,250. Ohun tí gbogbo wa ń fà lálẹ́ ọjọ́ náà, 530 àti 300 àti 215, jẹ́ 1,045. A ò tíì jẹ ẹ́ tán, àyè ṣì kù. Bí wọ́n bá pín ẹrù náà dọ́gbà, féèsì kọ̀ọ̀kan á ru bí i 348, tiransífọ́mà á sì máa mí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń ru 530, ìyẹn ju agbára rẹ̀ lọ ní ìdá mẹ́rin kan, lálaalẹ́, nígbà tí búlúù ń ru nǹkan bí ìdajì ohun tó lè gbé.

Fíúùsì ni ì bá ti gbà wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jó kí tiransífọ́mà má baà jó. Bí a bá fi wáyà nípọn dípò rẹ̀, iná ò ní já mọ́, gbogbo èèyàn á dunnú, ooru náà á sì gba inú tiransífọ́mà lọ. Bébà ni wọ́n fi wé kọ́pà inú rẹ̀, wọ́n wá rì í sínú epo. Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà mọ̀ pé bí bébà yẹn bá fi bí i ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì gbóná ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ, ọjọ́ tó lè lò láyé á dín sí ìdajì. Ó gbóná sí i, á tún dín sí ìdajì. Tiransífọ́mà tó yẹ kó lo ogún ọdún á wá kú láàárín oṣù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé alẹ́ ni tiwa máa ń jó, tí a ó kọ́kọ́ gbóòórùn epo kó tó dún gbà.

Tiransífọ́mà 500 kVA tí a ń tọrọ nínú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba bí i 695 ámpíà lórí féèsì kọ̀ọ̀kan. Ó máa pẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àṣà tó kó 530 jọ sórí pupa á kó 700 jọ sí i bí ọdún bá ń gorí ọdún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Báwo ni gbogbo wa ṣe dé orí pupa?

Èmi àti Bàbá rìn òpópónà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ojú lásán la fi tọ wáyà ilé kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dé orí òpó, a sì kọ èyí tó dé sí. Mọ́kànléláàádọ́ta nínú àwọn ilé náà wà lórí pupa, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí yẹ́lò, mẹ́tàdínlógún lórí búlúù. Àwọn méje míì ń gba féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kò sẹ́ni tó jókòó pète rẹ̀. Nígbà kan rí, yẹ́lò bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn tó wà lórí rẹ̀ sì pe ẹlẹ́tíríkì láti yí wọn sí pupa tó ń tàn nígbà náà. Nígbà tí yẹ́lò padà wá, kò sẹ́ni tó rántí padà. Àwọn ilé tuntun bá wọn níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá náà wà níbẹ̀, alájórin méjì náà wà níbẹ̀. Iná wá lọọlẹ̀, àwọn èèyàn ra sitabiláísà, èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i, nítorí bí iná bá ṣe lọọlẹ̀ tó ni sitabiláísà á ṣe máa fa ámpíà púpọ̀ sí i kó lè gbé fóltì ilé dé ibi tó yẹ. Níútírà tó ń ru 280 náà ń fa wàhálà tirẹ̀: bó bá já pẹ́nrẹ́n, fóltì àwọn ilé kan á fò sókè, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wọn á sì jó kí wọ́n tó dé ibi mítà.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yẹn ni mo fi ṣáájú nígbà tí mo dé ìpàdé.

Ìpínrọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé ká

Mo ka lẹ́tà tuntun tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ iná sétí gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ ọ títí mo fi dé ìpínrọ̀ kẹta. Ohun tó sọ nìyí:

"Lára ohun tó mú kí ẹrù pọ̀ lórí féèsì pupa ni pé àwọn kan nínú wa ti yí féèsì ilé wọn láìgba àṣẹ yín. A ti ka ilé tó wà lórí féèsì kọ̀ọ̀kan, àkójọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ní èmi fẹ́ kó ẹgbẹ́ fún ọlọ́pàá. Bàbá Alága, tí wọn kì í sábà gbé ohùn sókè, ní: "Akọ̀wé, ìwé yìí ni wọ́n máa fi dá wa lẹ́bi. Wọ́n máa ní àwa la ba tiransífọ́mà jẹ́, ká lọ ra òmíràn." Ẹ̀rù yẹn ò ṣàjèjì, ilé-iṣẹ́ iná ti sọ irú rẹ̀ fún àdúgbò mìíràn rí.

Mo fèsì pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀bi wáyà tó wà lójú fíúùsì wà, òṣìṣẹ́ wọn ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Bí a bá kọ tiwọn tí a fi tiwa pa mọ́, ẹni tó bá gun òpó máa rí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́tà náà á wá di irọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé mi ló mú ìpàdé rọlẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ni, tí ẹja inú fírísà wọn ti bàjẹ́ nígbà tí tiransífọ́mà àkọ́kọ́ jó. Wọ́n dìde, wọ́n ní: "Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọn ò mọ̀ ni? Orí pupa ni mo wà. Kí wọ́n wá yí mi. Ẹja mi ò mọ àwọ̀ féèsì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì dìbò. Ìpínrọ̀ kẹta dúró.

Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni lẹ́tà náà ti yàtọ̀ sí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í sọ ohun tó mọ̀, ìyà tó ń jẹ ẹ́ nìkan ló ń sọ. Ilé-iṣẹ́ náà sì ti gbọ́ ìyà kún etí. Ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ wọn nílò ni àkójọ tí ọ̀gá kan lè fi lé àwọn tó ń gun òpó lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ohun tó wà nínú ojú ewé méjì náà

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sọ tiransífọ́mà náà bó ṣe wà: 300 kVA, 11,000 fóltì sí 415, orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri ibẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lára pátákó rẹ̀. Bàbá Ẹnjiníà ló ní kí n má ṣe gbàgbé nọ́ńbà. Wọ́n ti máa ń ya fọ́tò pátákó náà nígbàkigbà tí òmíràn bá dé, fọ́tò yẹn ló sì fi hàn pé èyí tó wà lórí òpó báyìí ni èyí tó jó nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n gbé e lọ, wọ́n tún wáyà inú rẹ̀ wé, wọ́n sì dá a padà fún wa. Kò sóhun tó burú nínú títún un ṣe bí ẹni tó tún un ṣe bá mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí wọ́n mọ̀ pé a mọ̀.

Ìkejì sọ ìgbà mẹ́ta tó jó, ọjọ́ àti aago, ojú ọjọ́, ohun tí a gbọ́ kó tó kú, ohun tí òṣìṣẹ́ wọn ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà mítà alẹ́ ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀, àti fọ́tò wáyà tó wà lójú fíúùsì. Ìkẹta ni mo ti kà fún yín.

A ò tọrọ tiransífọ́mà kankan. A ní kí wọ́n pín ilé sórí féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n fi fíúùsì tó bá a mu sí gbogbo ojú rẹ̀, kí wọ́n yẹ epo inú rẹ̀ wò bóyá omi ti wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì wọn wáyà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, nítorí àrá sán nígbà kejì tó jó, ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò tó ń gba àrá lórí òpó sì ti já sílẹ̀ láti ìgbà náà. A ní kí wọ́n kọ èsì epo àti ti ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló kan owó. Ẹgbẹ́ ò ní dáwó ra tiransífọ́mà tàbí ohun èlò kankan láìsí àdéhùn tí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí, nítorí ìlànà tí àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná lórílẹ̀-èdè yìí, NERC, gbé jáde ní 2015 ti sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ san irú owó bẹ́ẹ̀ padà fún àwọn oníbàárà. Àdéhùn ló gbọ́dọ̀ ṣáájú owó o. Àdúgbò tó bá ti ra á tán kó tó béèrè àdéhùn, ẹ̀bùn ló fún ilé-iṣẹ́, ìgbà tí tiransífọ́mà bá sì ti gorí òpó, tiwọn ni.

Mo gbé ẹ̀dà méjì lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sára tèmi, mo sì dúró gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Òǹtẹ̀ nìkan ò tó. Nọ́ńbà yẹn ni ẹ máa fi gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè bí wọn ò bá dáhùn, yálà sí ọ́fíìsì tí NERC gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà, tàbí sí àjọ ìpínlẹ̀ yín. Láti ìgbà tí òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè, NERC ti ń gbé àkóso náà lé wọn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní 2024. Ẹni tó bá kọjá sí àjọ láìkọ́kọ́ dé ilé-iṣẹ́, wọ́n á dá a padà.

Lẹ́yìn náà

Kò sẹ́ni tó kọ èsì sí wa. Ẹnì kan láti ẹ̀ka iṣẹ́ wọn ló pè mí lórí fóònù, kò kí mi pẹ́, ó ní: "Akọ̀wé, àkójọ ilé tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yín, ṣé ó péye?" Mo ní ó péye. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá pẹ̀lú àkàbà, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì yí àwọn ilé. Wọ́n ṣọ́ ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá àti àwọn alájórin jù lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bọ́ sórí féèsì tirẹ̀. Fíúùsì mẹ́ta tuntun wọ inú pílà. Wọ́n wọn ọ́n lójú wa ní aago mẹ́jọ alẹ́: 365 lórí pupa, 350 lórí yẹ́lò, 330 lórí búlúù. Kò sí èyí tó dé 417. Ilé tó ń gba 165 tẹ́lẹ̀ ti ń rí 215 lókè.

Wọn ò yẹ epo wò. Wọn ò wọn ilẹ̀. Ohun èlò tó ń gba àrá tó já ṣì wà bẹ́ẹ̀, òjò sì ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ epo wò kò sí ní ọ́fíìsì agbègbè wa, pé olú ilé-iṣẹ́ ni yóò ti wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Àárín oṣù tó kọjá, yẹ́lò lọ fún ọjọ́ méjì nítorí wáyà kan já lórí òpó. Ilé mẹ́rin ti pe ẹlẹ́tíríkì pé kó yí àwọn sí búlúù. Bàbá Alága fúnra wọn ló gbé àga síwájú òpó náà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ yí féèsì kó lọ gba ìwé láti ọ́fíìsì. Àwọn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bínú. Wọ́n fara dà á títí wọ́n fi so wáyà.

Lẹ́tà kejì ti wà lórí tábìlì mi, kò tó ojú ewé kan. Nọ́ńbà ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ epo, ilẹ̀ àti ohun èlò tó ń gba àrá nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá ti kan án, ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ.